Ọṣẹ Dúdú Lójú: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Bu Omi Là Á?

Bí a bá ń ka àwọn ohun tí Yorùbá fi ń wẹ̀ kí ọṣẹ òyìnbó tó dé ilẹ̀ wa, ọṣẹ dúdú ni yóò ṣíwájú. A fi ń wẹ ọmọ tuntun, a fi ń fọ orí, àwọn oníṣègùn a sì máa gún ewé àti egbò mọ́ ọn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn níhìn-ín kéré sí gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí irorẹ́ ń yọ lẹ́nu láàmú púpọ̀. Àwọn kan ní kí a fi ọṣẹ náà ra ojú bí ó ṣe wà. Àwọn mìíràn ní kí a bu omi là á, nítorí pé omi yóò pa agbára eérú tí ó wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí dára, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n ń sọ fún un kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá sì mọ ìdí tòótọ́ lè bu omi là á tán, kí ó tún fi ba ojú ara rẹ̀ jẹ́.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀

Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Kòkó àti ọ̀pẹ kò wọ́n níbẹ̀, àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n sì ń bí ọṣẹ dúdú. Ohun méjì péré ni ọṣẹ náà jẹ́ ní ìpìlẹ̀: omi eérú àti epo.

Láti ara èèpo kòkó ni eérú ti ń wá jù. Àwọn kan a fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kún un, tàbí ìdì ẹyìn tí a ti yọ ẹyìn kúrò lára rẹ̀. Wọn a sá èèpo náà sí oòrùn títí yóò fi gbẹ fóó, wọn a sì dáná sun ún títí yóò fi di eérú. Ìyá Ọlọ́ṣẹ a tẹ́ koríko gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ajere, a da eérú lé e, a sì máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi tí ó ń kán sínú ìkòkò tí ó wà nísàlẹ̀ a pọ́n bí omi tíì, a sì máa yọ̀ lọ́wọ́. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú omi yìí ni kábọ́néètì ti pọ̀tásíọ̀mù, pẹ̀lú pọ̀táàṣì tí ó le ju ìyẹn lọ nígbà tí iná tí a fi sun èèpo bá gbóná gan-an. Àwọn méjèèjì jẹ́ álíkálì, èyí tí ó jẹ́ òdìkejì ásíìdì, ohun kíkan.

Epo tí wọ́n ń lò jù ni àdín tí a yọ nínú èkùrọ́. Àwọn kan ń lo epo pupa, òmíràn a sì fi òrí tàbí òróró àgbọn kún un. Wọn a gbé epo kaná nínú ìkòkò irin, wọn a máa da omi eérú sí i ní díẹ̀díẹ̀, orógùn kò sì gbọ́dọ̀ dúró. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, epo àti omi a di ọ̀kan, a ki, a sì máa fà. Nígbà tí epo kò bá léfòó mọ́, wọn a sọ ọ́ kalẹ̀, wọn a sì jẹ́ kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Àwọ̀ dúdú rẹ̀ wá láti inú eérú àti epo tí a kò sẹ́ jù. Nítorí pé pọ̀tásíọ̀mù ni ó wà nínú eérú igi, ọṣẹ náà a rọ̀, a sì máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Sódíọ̀mù tí ó wà nínú sódà ilé iṣẹ́ ni ó ń mú ọṣẹ le bí òkúta. Bí a bá rí ọṣẹ tí ó dúdú ṣùgbọ́n tí ó le koránkorán, tí kì í rọ̀ bí a tilẹ̀ gbé e sí gbangba ní ìgbà òjò, ó yẹ kí a fura pé sódà ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe omi eérú nìkan.

Irú ọṣẹ yìí kan náà ni àwọn ará Gánà ń pè ní alata samina. Samina ni ọṣẹ ní èdè wọn. Aláta sì ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn oníṣòwò Yorùbá tí wọ́n wà láàrin wọn.

Ibi tí ewu ti ń wọlé

Ìyá Ọlọ́ṣẹ kò ní òṣùwọ̀n. Ó máa ń fi ṣóńṣó ahọ́n tọ́ omi eérú wò, ó sì ń fi ẹyin adìẹ dán an wò. Bí ẹyin bá rì, omi náà kò tíì lágbára tó. Mo bi í léèrè pé, "Ìyá, báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé omi eérú kò pọ̀ jù nínú epo?" Ó dá mi lóhùn pé, "Ọmọ mi, ọṣẹ tí ó bá ta ahọ́n, yóò ta ojú." Òótọ́ pọ́ńbélé ni èyí, ó sì yẹ kí a rí ohun tí ó fà á.

Epo kọ̀ọ̀kan ni ó ní iye álíkálì tí ó lè gbé mì. Kílò 1 àdín nílò pọ̀táàṣì tí kò ní ohunkóhun mìíràn nínú tó nǹkan bí gíráàmù 240 kí gbogbo rẹ̀ tó di ọṣẹ. Kílò 1 epo pupa kò nílò ju nǹkan bí gíráàmù 200 lọ. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ pé àdín wọ́n lọ́jà, tí ẹnì kan sì fi epo pupa rọ́pò rẹ̀ láìdín omi eérú kù. Nínú kílò kọ̀ọ̀kan, álíkálì tó gíráàmù 40 kò ní rí epo tí yóò bá pọ̀. Yóò jókòó sínú ọṣẹ náà lọ́fẹ̀ẹ́, ojú ẹni tí ó bá rà á ni yóò sì fi ṣe ilé. Ọlọ́ṣẹ tí ó mọṣẹ́ máa ń jẹ́ kí epo lé díẹ̀ ju omi eérú lọ, kí ọṣẹ má bàa ta ènìyàn. Ṣùgbọ́n epo tí ó bá lé jù a jẹ́ kí ọṣẹ máa lẹ̀ lọ́wọ́, bí ó bá sì pẹ́, a máa rùn.

Ọṣẹ méjì tí a rà ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kan náà, láti ọwọ́ ọlọ́ṣẹ méjì, lè yàtọ̀ síra púpọ̀. Nítorí náà, kí a tó fi ọṣẹ tuntun kan ojú, kí a kọ́kọ́ pò díẹ̀ mọ́ omi, kí a fi pa ìgbọ̀nwọ́ nínú, kí a sì ṣàn án kúrò. Bí ibẹ̀ bá pọ́n, tí ó ń ta, tàbí tí ó ń yún títí di ọjọ́ kejì, kí a má ṣe gbé ọṣẹ náà dé ojú.

Kí ni pH, kí sì ni ó kàn án pẹ̀lú ojú?

Ní ọdún 1909, S. P. L. Sørensen, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Carlsberg ní Kopẹnhágẹ̀n, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí a ń pè ní pH. Láti 0 dé 14 ni a sábà máa ń ka òṣùwọ̀n náà. Omi tí kò ní ohunkóhun nínú wà ní 7. Ohun kíkan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ 7, omi eérú sì wà lókè rẹ̀. Ohun tí a gbọ́dọ̀ rántí ni pé ìgbésẹ̀ kan lórí òṣùwọ̀n yìí jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Láti 5 sí 6 jẹ́ ìlọ́po 10, láti 5 sí 7 jẹ́ ìlọ́po 100.

Awọ ojú ẹni tí ara rẹ̀ dá wà láàrin 4.5 sí 5.5. Ó kan díẹ̀. Òógùn àti ọ̀rá tí ó ń jáde láti inú ara, pẹ̀lú iṣẹ́ tí awọ fúnra rẹ̀ ń ṣe, ni ó ń mú un kan bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn Jámánì méjì, Heinrich Schade àti Alfred Marchionini, ni wọ́n fún un ní orúkọ ní ọdún 1928. Wọ́n pè é ní ẹ̀wù kíkan tí awọ wọ̀. Ọṣẹ dúdú sábà máa ń wà láàrin 9 sí 10, nígbà mìíràn a sì lé díẹ̀. Láti 5 dé 10 jẹ́ ìgbésẹ̀ márùn-ún, èyí ni pé ọ̀nà tí ó wà láàrin awọ ojú àti ọṣẹ tó ìlọ́po 100,000.

Kí ni ẹ̀wù kíkan yìí ń ṣe? Awọ òkè dà bí ògiri bíríkì. Ọ̀rá ni amọ̀ tí ó so àwọn bíríkì náà pọ̀. Àwọn èròjà tí ń pèsè ọ̀rá yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ó bá kan, wọ́n sì máa ń rọ bí álíkálì bá gba ibẹ̀. Àwọn èròjà mìíràn wà tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti já awọ tí ó ti gbó kúrò. Àwọn wọ̀nyí a máa yára kọjá ààlà nígbà tí pH bá gòkè, awọ a sì máa bó kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Lẹ́yìn èyí, àwọn kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń fa egbò kì í fẹ́ ibi kíkan. Bí ẹ̀wù náà bá ṣí, àyè a gbà wọ́n.

Lẹ́yìn ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, awọ tí ó dá a tún ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀ láàrin wákàtí díẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lo ọṣẹ dúdú láìrí wàhálà. Ìṣòro a dé nígbà tí a bá ń ṣí ẹ̀wù náà léraléra kí awọ tó rí àyè wọ̀ ọ́, tàbí nígbà tí ẹ̀wù náà ti ya tẹ́lẹ̀. Kì í sì í ṣe álíkálì nìkan ni ẹjọ́ yìí kàn. Ọṣẹ tí a fi àdín ṣe a máa hó púpọ̀, ṣùgbọ́n irú ọ̀rá tí ó ń mú un hó bẹ́ẹ̀ a máa yún awọ ju ti epo mìíràn lọ, a sì máa kó ọ̀rá ojú lọ.

Ohun tí omi ń ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

Kí n lè rí i fúnra mi, mo wọn ọṣẹ gíráàmù 10, mo pò ó mọ́ mílílítà 90 omi òjò. Mo ki bébà aláwọ̀ tí wọ́n fi ń wọn pH bọ̀ ọ́. Àwọ̀ rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ 10. Mo bu mílílítà 10 nínú omi ọṣẹ yìí, mo da á sí mílílítà 90 omi òjò mìíràn, kí ó lè fúyẹ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá sí ti àkọ́kọ́. Bébà náà kò sọ̀ kalẹ̀ dé 7. Àárín 9 sí 10 ni ó dúró sí.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọṣẹ fúnra rẹ̀ ni álíkálì ń ti inú rẹ̀ jáde. Bí omi bá ti dín in kù, ọṣẹ a tún tú díẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé omi ti pa agbára eérú kò sọ òótọ́. Ohun tí omi dín kù ni iye. Ẹ wo ẹ̀yín iná kan ṣoṣo àti iná ààrò. Gbígbóná wọn lè má yàtọ̀ síra, síbẹ̀ ẹ̀yín iná kan kò lè se ìkòkò iṣu jinná. Bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ tí a bu omi là: pH rẹ̀ súnmọ́ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n álíkálì tí ó wà nínú ẹ̀kúnwọ́ kan kéré púpọ̀, awọ a sì lè fi ìwọ̀nba kíkan tí ó ní ṣẹ́gun rẹ̀ kíákíá. Ọ̀rá tí irú omi ọṣẹ bẹ́ẹ̀ lè kó lójú náà a dín kù. Omi a tún jẹ́ kí ègé eérú tí ó lè ha ojú rì sísàlẹ̀, kí a lè sẹ́ ẹ kúrò.

Àwọn kan ní kí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí pH lè wálẹ̀. Mo dán èyí náà wò, mo ń kán an ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Bí bébà ti ń súnmọ́ 7 ni ìhó kú, omi náà funfun bí omi ògì, ọ̀rá sì ń léfòó lójú rẹ̀. Kì í ṣe ọṣẹ ni mo ní lọ́wọ́ mọ́, ọṣẹ ti padà di ọ̀rá. Kò sí bí a ṣe lè ní ọṣẹ tòótọ́ tí pH rẹ̀ bá ti awọ ojú dọ́gba. Ẹni tí awọ rẹ̀ kò bá gba álíkálì rárá kò ní ohun tí yóò ṣe ju kí ó wá ohun ìfọjú mìíràn lọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, tí awọ rẹ̀ gbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, rí irorẹ́ díẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń bu ọṣẹ dúdú ní ìṣù, ó ń fi kànhìnkànhìn ra á mọ́jú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ìgbà ọyẹ́ sì ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ fún, ó sì rò pé ó mọ́ ni. Lọ́sẹ̀ kejì, awọ ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òrí tí ó ń fi para sì ń ta á. Ó ní ọṣẹ náà ń ṣiṣẹ́, ó ń lé ìdọ̀tí jáde. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ibi tí ó ti pọ́n ti di àpá dúdú. Irú àpá bẹ́ẹ̀ lára awọ dúdú bíi tiwa kì í yára lọ. Ó lè gba oṣù púpọ̀.

A ní kí ó pa ọṣẹ tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó máa fi omi lásán bọ́jú, kí ó sì máa fi òrí para. Nígbà tí òrí kò ta á mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọṣẹ tí a bu omi là, ní alẹ́ nìkan. Bíbó náà dúró. Àpá ni ó pẹ́ kí ó tó parẹ́.

Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n bu omi là á

Bí ó bá jẹ́ ojú ni, mo gbà pé kí gbogbo ènìyàn bu omi là á. Ìwọ̀n omi ni yóò yàtọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń yọ epo lè lo ṣíbí kékeré 1 ọṣẹ sí ṣíbí 10 omi. Ẹni tí awọ rẹ̀ gbẹ, àgbàlagbà tí ọ̀rá ara rẹ̀ ti dín kù, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n, àti gbogbo ènìyàn nígbà ọyẹ́, kí wọ́n lo ṣíbí 1 sí ṣíbí 20, ní ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́. Kí a pò ó, kí a fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, kí a sì pò ìwọ̀nba tí a ó lò ní ọjọ́ mẹ́ta, nítorí pé omi tí ó pẹ́ nínú ìgò lè bàjẹ́. Kí a hó o ní àtẹ́lẹwọ́, kí a fi ọwọ́ pa ojú fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí a pa ojú dé, kí a sì ṣàn án dáadáa. Kí a fi òrí tàbí òróró díẹ̀ para kí omi tó gbẹ tán. Bí ọṣẹ bá kó sínú ẹyinjú, omi mímọ́ púpọ̀ ni kí a máa dà sí i fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì lọ sọ́dọ̀ dókítà bí kò bá yé ta.

Àwọn kan wà tí omi nìkan kò tó fún. Àkọ́kọ́ ni àwọn tí wọ́n ní àrùn awọ tí ó ń gbẹ, tí ó ń yún, tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́kísímà. Ẹ̀wù kíkan tiwọn ti ya tẹ́lẹ̀. Ìkejì ni àwọn tí ń lo oògùn irorẹ́ tí ó ń bó awọ, àti àwọn tí ìpara abóra ti sọ awọ wọn di fẹ́lẹ́. Ìkẹta ni ẹni tí ojú rẹ̀ là tàbí tí ó ní egbò. Kí àwọn wọ̀nyí fi ọṣẹ dúdú sílẹ̀ lójú títí dókítà awọ yóò fi sọ̀rọ̀. Ọmọ tuntun náà yẹ kí a ronú lé lórí. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ, awọ rẹ̀ kò tíì kan. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó ń gbà kí ó tó hun ẹ̀wù yìí, nítorí náà omi lásán ni ó tọ́ sí ojú rẹ̀ ní àkókò náà.

Ní ti ara ìyókù, ẹsẹ̀, ẹ̀yìn àti ọwọ́, awọ ibẹ̀ nípọn ju ti ojú lọ, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbà á lè lo ọṣẹ náà bí ó ṣe wà. Àmì tí yóò sọ fún wa pé a ti ṣe é jù kò ṣòro láti mọ̀. Bí ojú bá fún lẹ́yìn ìwẹ̀, ọ̀rá ni ó ti lọ, kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan. Bí ó bá ń bó, tàbí tí òrí tí kì í ta wá tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ògiri ti ń là nìyẹn. Kí a gbé ọṣẹ kúrò lójú lọ́jọ́ náà gan-an, kí àpá tó dé.